Ọ̀kadà àkọ́kọ́ mi: kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ ni, àbí kí n dá àjọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kétu ni mo wà. Ọ̀kadà olówó ni mo ń gùn, 1,500 sẹ́fà ni mo sì ń san fún un lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Mo fẹ́ ra tèmi báyìí. 480,000 ni tí mo bá sanwó lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí n kó 120,000 sílẹ̀, kí n máa san 10,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 52. Mo ṣírò rẹ̀, ó di 640,000. Èlé 160,000 lórí gbèsè 360,000!

120,000 ti wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ń dá 1,500 lójoojúmọ́, tí alájọ sì yọ ti ọjọ́ kan lóṣù, oṣù mẹ́jọ lé díẹ̀ ni ìyókù máa pé. Àmọ́ owó tí n óo san fún ọlọ́kadà láàárín ìgbà náà á ju 300,000 lọ. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ ti dà rú mọ́ mi lójú.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé orúkọ ẹni tó ń tà á ni yóò wà lórí ìwé ọkọ̀ títí n óo fi san tán. Tí mo bá jẹ ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á gbé e. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá kọṣẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti san irú rẹ̀ rí, kí lẹ ní kí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn?