Inú oyún ni mo wà tí ayé fi sú mi: ẹ wá sọ tiyín

Àbẹ̀kẹ́, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin àǹtí mi. Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì àti ẹ̀rù inú oyún ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ti ẹ̀yìn ìbímọ, nítorí pé èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú oyún ni wọn kì í sábà bi èèyàn.

Oyún tí mo kọ́kọ́ ní bàjẹ́ ní oṣù karùn-ún. Nígbà tí mo tún lóyún, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ rí bó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Òórùn ẹja díndín á pa mí lẹ́kún, kó tó pẹ́ mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi á sọ̀rọ̀ kan, inú á bí mi gan-an, ká tó jẹun tán inú náà ti rọ̀. Ìyẹn ò dẹ́rù bà mí. Ìgbà tí oyún yìí ń sún mọ́ oṣù tí ti àkọ́kọ́ lọ ni nǹkan yí padà. Gbogbo ìgbà tí mo bá tọ̀ ni mo máa ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Àyà mi á já lóru, mi ò sì ní lè sùn mọ́. Mo ń ti ilé sikáànù kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n á ní ọmọ wà dáadáa, ọkàn mi á balẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó bá di alẹ́ ẹ̀rù á tún dé, á sì le ju ti àná lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrẹ̀wẹ̀sì wá. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ọ̀rẹ́ mi á pè, màá kàn máa wo fóònù náà bó ṣe ń dún. Ìyá mi ra aṣọ ọmọ ránṣẹ́, mi ò tú ọ̀rá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wá sí mi lọ́kàn pé tí èmi àti oyún yìí ò bá sí, gbogbo èèyàn á sinmi. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aboyún.

Kò wàásù fún mi. Ó mú ìwé kan jáde, ìbéèrè mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, lórí bó ṣe ń ṣe mí láàárín ọjọ́ méje tó kọjá nìkan: ṣé mo ṣì ń rí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣé ẹ̀rù ń bà mí láìnídìí, ṣé ìbànújẹ́ ń dí mi lójú oorun. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti 0 dé 3, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 30. Mo gba 19. Àmọ́ kì í ṣe 19 yẹn ló mú un gbé bírò sílẹ̀ o, ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni, èyí tó bèèrè bóyá mo ti rò ó láti ṣe ara mi ní jàǹbá. Ó wò mí lójú, ó bi mí tààrà: «Ṣé o ti ro bí o ṣe fẹ́ ṣe é?» Mo ní rárá. Ó pe ọkọ mi wọlé, ọjọ́ yẹn gan-an ló kọ ìwé fún mi sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́, pẹ̀lẹ́ o. Tèmi jọ tìrẹ. Ó ń rẹ̀ mí, mò ń sunkún, mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ mi, ó ti wálẹ̀ dé 24. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, mo ń jẹ ẹ̀fọ́ ṣọkọ àti ẹ̀dọ̀, ara mi sì yá. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ni o. Kí àwọn aboyún tọ́jú ẹ̀jẹ̀ wọn, kí wọ́n fi oògùn ọpọlọ sílẹ̀. Ìgbà tí mo bímọ, gbogbo ẹ̀ ló lọ.

Ìyá Kọ́lá

Ti àbúrò mi nìyẹn! Ọjọ́ kẹta tó bímọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, kò sùn, ó ní ọmọ náà kì í ṣe ọmọ òun. Ilé àdúrà la kọ́kọ́ gbé e lọ. Ṣé oògùn tí dókítà ọpọlọ bá fún Àbẹ̀kẹ́ ni ká béèrè fún un tó bá tún lóyún?

Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì, Ilé-Ifẹ̀

Mo ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Kọ́lá, ohun tó ṣe àbúrò rẹ ni a ń pè ní abísínwín, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn, tó ní ọmọ kì í ṣe tòun, tí kò sùn síbẹ̀ tí agbára ń gùn ún, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ó sì lè tún padà wá nínú ìbímọ mìíràn, nítorí náà kó rí dókítà ọpọlọ kó tó lóyún. Má béèrè oògùn ẹlòmíì fún un.

Ìyá Ìbejì, o jàre díẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ó rẹ èèyàn kí ọkàn rẹ̀ sì wúwo, òun ló jẹ́ kí á kọ́kọ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò, pẹ̀lú ẹṣẹ́ kan tó wà ní ọrùn tó ń darí agbára ara. Ṣùgbọ́n mo ti rí aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé 36 tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, èémí rẹ̀ á máa já tó bá gun àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ á funfun, ṣùgbọ́n tí o bá gbé ohun tó fẹ́ràn wá, ó ṣì máa fẹ́ ẹ. Ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì, ohun tó fẹ́ràn gan-an ti di ohun kan náà pẹ̀lú ohun tí kò fẹ́ràn. Ẹlòmíì sì wà tó ní méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń mọ ìrẹ̀wẹ̀sì yàtọ̀ sí inú tó ń yí padà lásán, oorun ni mo máa ń fi wò ó. Gbogbo aboyún ló ń jí lóru nítorí ìtọ̀. Ohun tí màá bi í ni pé: lẹ́yìn tó o tọ̀ tán, ṣé oorun padà wá? Tó bá ní òun á máa wo òrùlé títí ilẹ̀ fi máa mọ́, etí mi á nà. Inú tó ń yí padà máa ń lọ, ó máa ń bọ̀ láàárín ọjọ́ kan náà. Bí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkan bá wà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ rí èèyàn. Tó bá ti wá di pé ó ń rò ó láti kú, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan.

Ìwé ìbéèrè mẹ́wàá yẹn, 1987 ni wọ́n gbé e jáde ní Ẹdinbọ́rọ̀ nílẹ̀ Sikọ́tílándì, fún àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun. Nígbà tó yá wọ́n ń lò ó fún aboyún, àwọn dókítà wa sì ti dán an wò lára àwọn aboyún Nàìjíríà. Tó bá ti lé ní 10, a máa ń jókòó bá èèyàn sọ̀rọ̀ dáadáa. Tó bá di 13 sókè, ó yẹ kó rí dókítà. Kò sọ pé àìsàn ni o, ó kàn ń sọ pé kí a wò ó síwájú sí i.

Bàbá Àyọ̀, Ṣágámù

Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín. Ìyàwó mi wà ní oṣù keje, ó ti pẹ́ tí kò bá mi sọ̀rọ̀, ó sì ní òun ò lọ sọ́dọ̀ dókítà wèrè. Kí ni kí n ṣe? Kí n fipá mú un ni?

Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì, Ilé-Ifẹ̀

Bàbá Àyọ̀, má pe orúkọ dókítà kankan. Ọjọ́ tó bá máa lọ gba ìtọ́jú oyún, tẹ̀ lé e, kí o sì kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sọ ohun tí o rí: oorun, oúnjẹ, ọ̀rọ̀ tó sọ. Òun ló máa bi í. Títí di ìgbà náà, kó oògùn kòkòrò àti gbogbo oògùn tó wà nílé kúró níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, má sì jẹ́ kó dá wà pẹ́. Tó bá ti sọ pé òun fẹ́ kú, má dúró de ọjọ́ ìtọ́jú oyún, ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ súnmọ́ Arò ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń rí aboyún níbẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì náà sì ń rí wọn.

Àbẹ̀kẹ́, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣé, Mọ̀mí. Ẹ jẹ́ kí n parí tèmi. Dókítà náà kọ́kọ́ bi mí bóyá ìgbà kan wà rí tí mi ò sùn fún ọjọ́ mélòó kan tí inú mi ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé oògùn ẹni tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ máa ń yàtọ̀. Mo ní kò sí. Ó fún mi ní sẹtirálíìnì, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí wọ́n máa ń lò fún aboyún dáadáa, ó ní kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, pé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló máa ń gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Oorun ló kọ́kọ́ padà, oúnjẹ tẹ̀ lé e, ayọ̀ ló kẹ́yìn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ sikáànù. Obìnrin agbaninímọ̀ràn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣàlàyé pé ìfọ̀kànbalẹ̀ tí mò ń lọ rà yẹn ló ń bọ́ ẹ̀rù náà. Bí igi tí a ń fi sínú iná ni. A jọ ṣe àdéhùn: sikáànù tí dókítà bá kọ nìkan. Bí ẹ̀rù bá dé lóru, kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n fi í dúró de aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kọ, tó bá di aago mẹ́rin, mi ò lè ṣàlàyé ìdí tó fi bà mí lẹ́rù. Àmọ́ ó tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀tọ̀ ni ọlẹ̀. Bí ọmọ kò bá mira nínú mi bó ṣe máa ń mira, kí n wá lọ́jọ́ náà, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ẹ̀rù mi ni.

Ọmọ Ọ̀ṣun, Lọ́ńdọ̀nù

Níbí, ìbéèrè méjì ni agbẹ̀bí bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ṣé nínú oṣù tó kọjá ọkàn mi ń rẹ̀wẹ̀sì tàbí ìrètí ń pin, ṣé mo ti pàdánù ìfẹ́ sí ohun tó máa ń dùn mọ́ mi. Mo dáhùn «rárá» sí méjèèjì. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á gba ọmọ mi. Ní oṣù kẹfà ni mo sọ òótọ́. Agbẹ̀bí náà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gba ọmọ, pé ẹni tó wá ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Èèyàn lè fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì máa ń tètè dá aboyún lóhùn. Màmá mi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni ní ìdílé ọkọ mi. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó tọ̀nà.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Mo gbọ́ ohun tí Mọ̀mí sọ. Síbẹ̀, èmi ò ní gba oògùn ọpọlọ nínú oyún láéláé.

Àbẹ̀kẹ́, Abẹ́òkúta

Mọ̀mí, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wà lọ́kàn mi. Mo ṣì ń lò ó, a sì fẹ́ bí òmíràn. Ṣé kí n dá a dúró kí n tó lóyún?

Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì, Ilé-Ifẹ̀

Má fúnra rẹ dá a dúró. Ẹni tó já a lójijì lè máa ní òòyì àti àìsùn, ìrẹ̀wẹ̀sì náà sì lè padà kí oyún tó dé rárá. Oògùn ò jọra: èyí tí wọ́n ń pè ní falipuroéètì, oògùn wárápá, lè ṣe ọmọ ní jàǹbá nínú oyún, tìrẹ kì í ṣe irú rẹ̀. Mú páálí oògùn rẹ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà nísinsìnyí, kí oyún tó dé. Ẹ jọ wo bí àìsàn náà ṣe le tó tẹ́lẹ̀ àti bí ara rẹ ṣe rí báyìí. Ó lè ní kí o máa lò ó lọ, ó lè ní kí ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ ẹni tó máa wà pẹ̀lú rẹ lóru ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí o bá bímọ, torí pé ẹni tó ní in nínú oyún lè tún ní in lẹ́yìn ìbímọ.