Ìbéèrè àtẹ̀lé tí kò ní tú àṣírí ìdáhùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu dán àwọn oníṣẹ́ iná wò, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìbéèrè mi nìyí: "Wọ́n ní kí o pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Kí lo máa ṣe kí o tó fọwọ́ kan wáyà?"

Ọ̀pọ̀ á ní, "Màá pa bíréékà, màá wá fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò." Ó dáa, àmọ́ kò tíì pé. Mo fẹ́ gbọ́ pé á kọ́kọ́ dán tẹ́sítà náà wò níbi tí iná wà dájú, á sì tún dán an wò lẹ́yìn tó bá lò ó tán, torí tẹ́sítà tó ti bàjẹ́ náà kì í tàn.

Tí mo bá bi í pé, "Ṣé o dán tẹ́sítà wò?", mo ti sọ ìdáhùn fún un nìyẹn. Mo wá yí i sí: "Tẹ́sítà ò tàn. Kí nìyẹn sọ fún ẹ?" Ó sàn díẹ̀, àmọ́ àwọn kan á kàn ní "Kò síná", wọ́n á sì panu mọ́.

Kí lẹ máa ń bi irú wọn tẹ̀ lé e? Ẹni tó sì rí i sọ lẹ́yìn ìbéèrè kejì, ṣé máàkì kan náà ló máa gbà pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́ fúnra rẹ̀?