"Ọjà" kan ṣoṣo, púníkóòdù méjì, ẹ gbà mí o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ DNS, mo fẹ́ fi "ọjà" ṣe sọ́bùdòméènì, mo wá fi Páítọ́nì yí i:

```
"ọjà".encode("punycode")
```

Ó fún mi ní `oja-idc6o`, mo fi `xn--` ṣáájú ẹ̀ mo kọ ọ́ sínú DNS, àmọ́ tí mo bá tẹ ọjà sí bíráúsà kì í rí nǹkan kan, àṣé `xn--j-sfa590u` lòun ń wá! Kíbọọ̀dù mi ló ya àmì sọ́tọ̀ (o, U+0323, a, U+0300), bíráúsà sì máa ń so wọ́n pọ̀ di ọ àti à kó tó yí i. Mo ti fi NFC tún ìyẹn ṣe.

Èyí tó kù ni "ọ̀nà" tí mo fẹ́ fi ra dòméènì gangan: ọ̀ ò ní kóòdù ẹyọ kan, U+0300 ṣì dá dúró lẹ́yìn NFC. Ẹni tó bá ti ra irú ẹ̀ rí, ṣé wọ́n gba àmì yẹn àbí wọ́n kọ̀ ọ́?