Àbọ̀ ọ̀rọ̀ sáìtì gaàrí mi ní Kétu

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyí: «Sáìtì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣé "gari" ni kí n lé lórí Google, àbí "prix gari sohoui Cotonou" tí irinṣẹ́ tó ń ka iye ìwákiri sọ pé òdo ló ń wá a?»

Ẹ ṣeun gan-an. Èkejì ni mo mú. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n wo ojú ewé kìíní Google fúnra mi ló là mí lójú: ìpolówó Facebook àtijọ́ ló kún ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kọ iye owó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Search Console ti Google sọ pé wọ́n rí mi nígbà 41, àwọn 6 tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ọjà wa ló kéré ju ohun tí irinṣẹ́ ń kà.

Àbúrò tó ní kí n ṣáà mú èyí tó rọrùn tọ̀nà díẹ̀. «Histoire du gari» rọrùn díẹ̀, àmọ́ olùrà kì í wá a. Ìgbà tí mo lè kojú «gari» kò tíì yé mi.