Ẹ gbà mí o, akọ̀wé ẹgbẹ́ yìí tún fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lọ́la

Ìyá Ìbejì (Máńṣẹ́sítà): Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, ẹ kú ilé o. Ẹni tó bá ṣì lajú sílẹ̀, ẹ dá mi lóhùn. Ẹgbẹ́ kan ní Bámíńgàmù fẹ́ ra àdìrẹ fún 80 ènìyàn, yáàdì márùn-ún márùn-ún. Akọ̀wé wọn ti pè mí lórí fídíò lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó kẹ́yìn lé ní wákàtí méjì. A sọ̀rọ̀ títí a fi dé orí bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ kó má baà ṣí. Ó tún fẹ́ ẹ̀kẹta lọ́la, aago méje alẹ́, ó ní kí àpẹẹrẹ mẹ́fà wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ alẹ́ ló sì kàn mí lọ́la. Alárò mi ní Ìtòkú ti ń béèrè owó tẹru, aṣọ funfun tó máa rẹ sínú aró. Ṣé kí n tọrọ àyè níbi iṣẹ́ ni àbí kí n sọ fún obìnrin yìí pé ó tó gẹ́ẹ́?

Bọ̀dá Pẹ́kàmù: Èló lo pè é fún wọn?

Ìyá Ìbejì (Máńṣẹ́sítà): A ò tíì débẹ̀ sà. Ó ní owó kọ́ ni ìṣòro àwọn.

Bọ̀dá Pẹ́kàmù: Háà! Ẹni tó bá ti sọ pé owó kọ́ ni ìṣòro, owó gan-an ni ìṣòro rẹ̀. Fi í sílẹ̀. Èmi kì í na aṣọ fún oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù mi láìjẹ́ pé mo gbọ́ iye tó fẹ́ ná. Bí kò bá ní iye kan lẹ́nu, ìran ló wá wò.

Ẹ̀gbọ́n Dọ́bílìnì: Bọ̀dá, ìdajì rẹ̀ jóòótọ́. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń san owó oṣù ni mò ń tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ń jẹun. Nǹkan mẹ́rin la máa ń wádìí kí a tó fi ọ̀sán gbáko jókòó ti ẹnikẹ́ni: ṣé owó wà, ta ló láṣẹ láti ná an, kí ni wọ́n fẹ́ fi ọjà náà ṣe ní ti gidi, ìgbà wo ni wọ́n sì fẹ́ ẹ. Àwọn ará IBM làwọn èèyàn máa ń sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé tí ọ̀kan bá yẹ̀, kí a kó ẹrù wa dìde. Ẹgbẹ́ tí kò tíì ya owó sọ́tọ̀ lónìí lè yà á lọ́la, bí ẹni tó láṣẹ bá fẹ́ràn ọjà. Ẹni tí kò láṣẹ ńkọ́? Ó lè fẹ́ràn ọjà yín títí di ọdún tó ń bọ̀, kọ́bọ̀ ò ní í jáde. Àṣẹ ni èmi máa ń kọ́kọ́ wá.

Ìyá Ìbejì, lẹ́yìn akọ̀wé yìí, ta ló kù?

Ìyá Ìbejì (Máńṣẹ́sítà): Mo ti bi í bóyá òun ló máa pinnu. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n Dọ́bílìnì: Kò sẹ́ni tí ẹ máa bi bẹ́ẹ̀ tí kò ní í dáhùn pé òun ni. Ta ló fẹ́ sọ fún aláṣọ pé òun ò lẹ́nu nínú ẹgbẹ́? Ẹ pè é ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un látìbẹ̀rẹ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹ wá bi í pé, "Aṣọ tí ẹ rà kẹ́yìn mà, báwo ló ṣe lọ?" Kí ẹ dákẹ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló máa fi sọ ẹni tó mú àwọ̀, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó kí owó tó pé. Kò ní í dà bíi pé ẹ ń wádìí òun wò.

Àbúrò Tòróńtò: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí wọn. Bí wọn ò bá san owó yín, kóòtù kékeré wà, kò nílò lọ́yà. Mo ṣe é fún onílé mi.

Ìyá Ìbejì (Máńṣẹ́sítà): Àbúrò, kò tíì sẹ́ni tó jẹ mí lówó.

Àbúrò Tòróńtò: Ó dáa, ẹ fi pamọ́.

Àdùkẹ́ Húsítọ̀nù: Ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí dùn mí dọ́kàn. Ìyàwó ojú ọ̀nà kan pè mí pé kí n wá se oúnjẹ ìgbéyàwó òun, ẹni 300. Èmi àti òun la jọ to oúnjẹ náà lórí fóònù. Mo se òfàdà, mo se ayamáṣe, mo se ẹ̀fọ́ rírò, mo gbé e lọ sílé wọn kí wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ọwọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó ní ìyá ọkọ òun ló ń sanwó oúnjẹ, ìyá sì ti ní alásè tirẹ̀ ní Dálásì. Owó ọjà mi wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá Pẹ́kàmù: Ẹ ò gba owó ìtọ́wò? Ẹ̀bi yín nìyẹn. Ẹni tó bá san owó ìtọ́wò, ó ti fi hàn pé owó wà.

Àdùkẹ́ Húsítọ̀nù: Ì bá san án sà. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́. Ìyá ọkọ ṣì máa mú ará Dálásì.

Ẹ̀gbọ́n Dọ́bílìnì: Àṣẹ ni. Ìyá ọkọ ló yẹ kó jókòó sídìí àwo yẹn.

Ọmọ Mẹ́sìọ̀gọ̀ (Lẹ́síta): Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan, mà. Gbọ̀ngàn wo ni wọ́n fẹ́ lò? Mò ń ṣètò ayẹyẹ níbí. Gbọ̀ngàn mìíràn wà tí kò gba alásè kankan àfi èyí tó wà nínú ìwé tiwọn. Ẹ lè rí ìyàwó, ẹ rí ìyá ọkọ, kí owó wà nílẹ̀, kí gbọ̀ngàn ní rárá.

Àdùkẹ́ Húsítọ̀nù: … Ará Dálásì yẹn ló máa ń sè ní gbọ̀ngàn yẹn.

Ọmọ Mẹ́sìọ̀gọ̀ (Lẹ́síta): Ẹ ti rí i. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi má kan ìyá ọkọ rárá.

Ẹ̀gbọ́n Dọ́bílìnì: Àṣẹ náà ṣì ni. Gbọ̀ngàn ló láṣẹ.

Bọ̀dá Pẹ́kàmù: Owó ìtọ́wò ni mo wí o.

Ìyá Ìbejì (Máńṣẹ́sítà): Mo ti pè é. Ẹ̀gbọ́n, ọgbọ́n yín ṣiṣẹ́ o, mo kàn bi í ni, mo dákẹ́, ó ń sọ ọ́ lọ. Léèsì ni wọ́n rà kẹ́yìn. Ìyàwó alága ló mú un, ní Lọ́ńdọ̀nù. Pọ́ùn 30 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan dá, akápò ò sì fi owó ránṣẹ́ títí tó fi pé ní ọwọ́ rẹ̀. Ti ọdún yìí, wọn ò tíì dá nǹkan kan. Ìpàdé tí wọ́n ti máa sọ ọ́ di ọjọ́ 20 oṣù keje yìí. Ayẹyẹ di ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ. Ẹ sì wò ó, pọ́ùn 45 ni mo ní lọ́kàn láti pè.

Bọ̀dá Pẹ́kàmù: 3,600 lo fẹ́ gbà, 2,400 ni wọ́n mọ̀. Mo sọ tèmi lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní ìdajì ni.

Ẹ̀gbọ́n Dọ́bílìnì: Iye yẹn ṣì ṣeé sọ, Bọ̀dá. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọjọ́. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká ti ọjọ́ ayẹyẹ kà á padà sẹ́yìn. Télọ̀ fún ọgọ́rin ènìyàn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pọ̀ jù. Ìyẹn túmọ̀ sí pé kí aṣọ ti dé ọwọ́ wọn ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ. Bàálù àti kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́wàá, ó di ọjọ́ 30 oṣù keje. Alárò ńkọ́?

Ìyá Ìbejì (Máńṣẹ́sítà): Òjò ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta báyìí, aṣọ kì í tètè gbẹ. Alábẹ́là, èyí tí a fi àbẹ́là ya ọnà sí, ọ̀sẹ̀ méjì bí òjò bá ṣàánú wa. Ẹlẹ́kọ ni akọ̀wé fẹ́ràn, ìyẹn ò ṣeé ṣe rárá. Ẹ̀kọ ọ̀hún gbọ́dọ̀ gbẹ kanrin kí a tó rẹ aṣọ sínú aró, a máa rẹ ẹ́, a máa sá a, a tún máa rẹ ẹ́, kí a tó wá ha ẹ̀kọ kúrò.

Ẹ̀gbọ́n Dọ́bílìnì: Alábẹ́là náà nìyẹn, ó di ọjọ́ 16 oṣù keje kí owó tẹru tó dé Ìtòkú. Ìpàdé wọn di ogúnjọ́. Bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ pariwo bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ náà, owó wọn ti pẹ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi fídíò sùn mọ́jú lọ́la, kò ní í yí ọjọ́ yẹn padà.

Ọmọ Mẹ́sìọ̀gọ̀ (Lẹ́síta): Ẹ fún wọn ní gèlè àti fìlà nìkan, mà. Fìlà rírán ò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gèlè ò tilẹ̀ nílò télọ̀. Yáàdì dín kù, owó náà sì lè bọ́ sínú 30 yẹn.

Ìyá Ìbejì (Máńṣẹ́sítà): Ọmọ Ìbàdàn, orí ẹ pé o! Ṣùgbọ́n èrè mi ńkọ́?

Bọ̀dá Pẹ́kàmù: Èrè fìlà? Ẹ jẹ́ kó lọ. Akọ̀wé ni, kì í ṣe alága.

Ẹ̀gbọ́n Dọ́bílìnì: Rárá, ẹ má sọ akọ̀wé nù. Ó fẹ́ràn aṣọ náà, òun ló sì máa wà nínú yàrá ìpàdé nígbà tí ẹ ò ní í sí níbẹ̀. Ẹ fún un ní nǹkan tó máa gbé wọlé: ojú ìwé kan, àwòrán méjì, iye, àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé. Kí ó fi han ìyàwó alága kí ìpàdé tó dé. Bí ìyàwó alága bá lè bá yín sọ̀rọ̀, ẹ tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ lọ sùn. Ẹ sì ṣọ́ nǹkan kan: bí akọ̀wé bá ní kí ẹ ṣáà fi iye ránṣẹ́ lórí ìwé kíákíá, tí kò bìkítà irú ọnà tó wà lára aṣọ mọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yan ẹlòmíràn, kí wọ́n kàn nílò iye mẹ́ta láti fi han ìgbìmọ̀.

Ìyá Ìbejì (Máńṣẹ́sítà): Ọnà tirẹ̀ ti wà lọ́kàn rẹ̀. Ìbàdàndùn ló ń pè lójoojúmọ́.

Ọmọ Mẹ́sìọ̀gọ̀ (Lẹ́síta): Ẹ gbọ́ ọ! Nínú gbogbo ọnà tó wà láyé. Òpó Mápó wà lára rẹ̀, kì í ṣe Olúmọ.

Àdùkẹ́ Húsítọ̀nù: Bí Ìbàdàn bá dùn tó bẹ́ẹ̀, kí lẹ wá ń rà ní Ìtòkú?

Ọmọ Mẹ́sìọ̀gọ̀ (Lẹ́síta): Àánú yín ló ń ṣe wá, mà. Láfún funfun lásán lẹ̀ ń jẹ, ẹ ò mọ adùn àmàlà dúdú.

Bọ̀dá Pẹ́kàmù: Wò ó, ẹ má fi ọwọ́ kan láfún. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tó ti Láfẹ́nwá wá.

Àdùkẹ́ Húsítọ̀nù: Láfún Lọ́ńdọ̀nù? Èyí tí mo rà lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́sí, mo rò ó títí, kò dì. Ẹ wá sí Húsítọ̀nù kí ẹ wá wo ọjà.

Bọ̀dá Pẹ́kàmù: Omi tútù lo fi rò ó ni.

Àbúrò Tòróńtò: Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò tíì fojú kan òfàdà gidi láti ìgbà tí mo ti dé. Ta ló ń bọ̀ láti ilé?

Àdùkẹ́ Húsítọ̀nù: Màmá mi ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ẹja gbígbẹ ti gba gbogbo báàgì wọn. Kútọ̀ ni wọ́n ti ń rà á látàná, wọn ò tíì ṣíwọ́.

Ìyá Ìbejì (Máńṣẹ́sítà): Ẹ̀yin èèyàn, aago méje ọ̀la ńkọ́?

Bọ̀dá Pẹ́kàmù: Àdùkẹ́, òtútù gan-an ni omi yẹn. Kó hó dáadáa.