Ẹ̀yin tí ẹ ti kó ọ̀rọ̀ àpérò sínú ìwé ìròyìn rí, ẹ wá sọ ti yín

Ọmọ Ìlódè
Ẹ kú ilé o. Ẹgbẹ́ wa ní Ifẹ̀ máa ń tẹ ìwé ìròyìn olójú ewé mẹ́rin lóṣooṣù. Wọ́n gbé rẹ́kọ́dù ọ̀rọ̀ kan fún mi, awalẹ̀pìtàn kan ló sọ ọ́ ní àpérò, ìṣẹ́jú 43, lórí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n hú ní Igbó Olókun. Wọ́n ní kí n fi nǹkan bí 100 ọ̀rọ̀ sọ kókó ohun tó sọ àti ẹ̀rí tó gbé e lé. Mo kọ ọ́ pé: «Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe dígí láyé, torí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 ni wọ́n hú jáde níbẹ̀.» Ẹni tó ń yẹ ìwé wò dá a padà, ó ní ọkùnrin náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí. Lóòótọ́, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí, torí ìlú mi ni mo fẹ́ gbé ga. Ta ló ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí?

Ìyá Ìbejì Lágéré
Ìṣẹ́jú 43 di 100 ọ̀rọ̀? Ẹ kú iṣẹ́ o.

Bàbá Òkèsà
Rẹ́kọ́dù yẹn ni ìṣòro. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Iléṣà, ẹnì kan gbé fóònù sí ìdí fáànù, wákàtí kan gbáko, ariwo fáànù nìkan la gbọ́. Iwájú pẹpẹ ni kí ẹ máa gbé e sí.

Ọmọ Ìlódè
Ẹ ṣé sà. Ohùn tèmi já geere, èmi ni mi ò gbọ́ ọ dáadáa.

Akin Mọ̀ọ́rè
«Kọ́kọ́ ṣe láyé» nìkan ló ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Wọ́n ti ń ṣe dígí ní Íjíbítì àti Mesopotámíà kí wọ́n tó bí Jésù, ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Yọ ìyẹn kúrò, kí o fi 12,000 sílẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó pọ̀ tó báyẹn, ẹ̀rí wo la tún ń wá?

Títí Aṣàtúnkọ
Akin, o tọ̀nà lórí Íjíbítì. Lórí 12,000, rárá.

Ọmọ Ìlódè, mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ méjì, irú àṣìṣe yìí sì ti bá mi lẹ́ẹ̀kan, tí ìwé ti jáde tán. Láti ìgbà náà, n kì í mú kálámù nígbà tí mo bá ń gbọ́ rẹ́kọ́dù lẹ́ẹ̀kíní. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo máa ń kọ ìṣẹ́jú sílẹ̀, kì í ṣe ìṣẹ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ o, ibi tí olùsọ̀rọ̀ bá ti ń jiyàn pẹ̀lú ẹnì kan nìkan. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í jìnnà síbẹ̀. Ta ni ọkùnrin yẹn ń bá jiyàn?

Ọmọ Ìlódè
Ìṣẹ́jú 6. Ó ní àwọn kan gbà pé wọ́n ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Ifẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfọ́kù dígí láti ìlú òkèèrè ni wọ́n ń yọ́. Òun ní rárá, Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló se dígí náà láti inú yanrìn ilẹ̀ ibẹ̀. Ó tún un sọ ní ìṣẹ́jú 38.

Títí Aṣàtúnkọ
Ó parí. Kókó nìyẹn: sísè ni, kì í ṣe yíyọ́ lásán. Wàyí o, gbé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan síwájú kókó yìí, kí o yọ ọ́ kúrò, kí o wò ó bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ á wó.

Yọ 12,000. Ká ní 200 péré ni wọ́n hú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì dúró. Oníṣòwò kan lè ru 12,000 wá láti ibòmíràn, iye kò sọ ẹni tó ṣe é. Mú àfọ́kù ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ nínú. Ìyẹn fi hàn pé iná jó níbẹ̀, dígí sì yọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yọ́ àfọ́kù òkèèrè náà á ní irú ìkòkò yẹn. Kí ló wá sọ tó dí ẹnu àwọn tó ń bá a jiyàn?

Ọmọ Ìlódè
Ohun tó wà nínú dígí náà! Ó ní wọ́n yẹ ìlẹ̀kẹ̀ 52 wò, èròjà láìmù pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, èròjà àlúmínà náà pọ̀, kò sì bá dígí ibi ìṣedígí kankan tí wọ́n mọ̀ mu. Àfọ́kù òkèèrè kò lè ní irú èròjà bẹ́ẹ̀.

Títí Aṣàtúnkọ
Yọ ìyẹn, gbogbo rẹ̀ á wó. Òun ló yẹ kó ṣáájú. Ìkòkò á tẹ̀lé e, torí ó fi hàn pé Ifẹ̀ ni iná ti jó, kì í ṣe ibòmíràn tó ní irú yanrìn bẹ́ẹ̀.

Akin Mọ̀ọ́rè
52 nínú 12,000? Ó kéré. Mo gbà pé iye kì í ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ 52, àwọn èèyàn á ní kò tó nǹkan.

Títí Aṣàtúnkọ
Tí a kò bá kọ ọ́, wọ́n á rò pé 12,000 ni wọ́n yẹ̀ wò. Èwo ló burú jù?

Délé Ìjẹ̀ṣà
Ẹ dákun, sẹ̀gi náà ńkọ́? Bàbá àgbà mi ní inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń hú u, kò sẹ́ni tó ṣe é.

Akin Mọ̀ọ́rè
Délé, wọ́n ń hú u lóòótọ́, torí àwọn ará ìgbàanì ti sin ín síbẹ̀. Ilẹ̀ kò lè fúnra rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kẹ̀.

Délé Ìjẹ̀ṣà
Má fi bàbá mi wé àwọn tó ń hú nǹkan lánàá o.

Ìyá Ìbejì Lágéré
Èmi kò fara mọ́ «dígí» yẹn. Ìyá mi tó bá rí «dígí» nínú ìwé, ohun tí à ń wojú ni yóò rò. Ẹ kọ gíláàsì.

Bàbá Òkèsà
Gíláàsì ni ife omi. Dígí ló tọ́.

Ọmọ Ìlódè
Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà. Ó ní wọ́n rí irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí ní Gao ní Málì. Ṣé kí n kọ ọ́?

Títí Aṣàtúnkọ
Ẹ̀rí pé ọjà rìn jìnnà nìyẹn, kì í ṣe pé Ifẹ̀ ló se é. Tí àyè bá wà, fi sí ìparí, má fi «torí pé» so ó mọ́ kókó. Ìbéèrè àwọn èèyàn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni olùsọ̀rọ̀ máa ń sọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó.

Ọmọ Ìlódè
Ẹnì kan bi í léèrè ibi tí láìmù ti wá. Ó ní àwọn kan ń sọ pé ìkarahun ìgbín ni, òun kò tíì lè búra. Mo ti fò ó lọ lẹ́ẹ̀kíní! Ẹ wò ó báyìí:

«Olùsọ̀rọ̀ ní àwọn ará Ifẹ̀ se dígí fúnra wọn láti inú yanrìn ilẹ̀ wọn, wọn kò kàn yọ́ àfọ́kù tó ti òkèèrè wá. Ẹ̀rí tó gbé e lé jù ni ìlẹ̀kẹ̀ 52 tí wọ́n yẹ̀ wò lára èyí tó lé ní 12,000 tí wọ́n hú ní Igbó Olókun ní 2011 sí 2012: àlúmínà pọ̀ nínú wọn, láìmù náà pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọn kò sì bá dígí ìlú mìíràn tí a mọ̀ mu. Wọ́n tún rí àfọ́kù ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́. Ọ̀rúndún 11 sí 15 ni iṣẹ́ náà. Ó ní ibi tí láìmù ti wá kò tíì dájú.»

Títí Aṣàtúnkọ
Ó dára gan-an. «Olùsọ̀rọ̀ ní» tó wà níbẹ̀rẹ̀ yẹn, má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́.

Akin Mọ̀ọ́rè
Mo ṣì ní 52 yẹn á dá wàhálà sílẹ̀.

Bàbá Òkèsà
Ìkarahun ìgbín kẹ̀? Ta ló ń jẹ gbogbo ìgbín ọ̀hún?