Yógọ́ọ̀tì mi ń bu: ṣé aṣọ ni àbí ìdérí?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Kábà ni mo ń gbé. Lítà 4 wàrà màlúù ni mo fi ń ṣe yógọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan. Láti oṣù tó kọjá, tó bá ti pé ọjọ́ 5 nínú fíríìjì, ohun funfun bí òwú á hù lórí ẹ̀, á sì di àwọ̀ ewé. Ìyá ọkọ mi ní kí n ha á kúrò kí n jẹ ìyókù, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ni mo dà nù.

Mo ń se ìgò fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tí omi bá hó, nítorí náà mi ò fura sí ìgò. Mo wá pín èyí tí mo ṣe kẹ́yìn sí ìgò 6: mo fi aṣọ sẹ́ mẹ́ta, mi ò sẹ́ mẹ́ta yòókù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo sẹ́ ló bu. Nínú àwọn tí mi ò sẹ́, ẹyọ kan ló bu, abẹ́ ìdérí ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọṣẹ nìkan ni mo fi ń fọ aṣọ náà, ìta ni mo ń sá a sí. Tí mo bá sè é, báwo ni ẹ ṣe ń mú un gbẹ nígbà òjò? Ṣé kí n lọ̀ ọ́?

Ìdérí wá ńkọ́? Ike ni, ó ń tẹ̀ nínú omi gbígbóná. Wọ́n ní kí n lo bílíìṣì tí kò lóòórùn dídùn, ṣíbí ìjẹun kan sí omi lítà 4. Ìṣẹ́jú mélòó ni kó fi wà níbẹ̀, ṣé mo sì gbọ́dọ̀ ṣàn án?